Màmá ló ni ìròyìn náà: bí a ṣe ń sọ fún ẹbí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti kọjá ìwòsàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Dókítà tuntun ni mí ní Iléṣà. Màmá kan, ẹni ọdún 61, ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ti kọjá ìwòsàn. Àwọn ọmọ wọn ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí màmá mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ẹbí tí kò fi ní bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù?

Ìdáhùn: Padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn màmá ná, nítorí àwọn ni wọ́n ni ìròyìn náà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ka ọ̀rọ̀ àìsàn sí àṣírí aláìsàn, a kò sì gbọdọ̀ tú u fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, bí aláìsàn tí orí rẹ̀ pé kò bá fọwọ́ sí i nínú ìwé. Òfin yìí kan náà ní kí a ṣàlàyé ipò ìlera aláìsàn fún un ní èdè tí ó gbọ́, àyàfi bí ẹ̀rí gidi bá wà pé àlàyé náà yóò ṣe é ní ibi. Ní ojú tèmi, ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn ọmọ kì í ṣe irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di àríyànjiyàn, pe ọ̀gá rẹ, kí o sì kọ ohun gbogbo tí ẹ jọ sọ sínú fáìlì.

Béèrè báyìí: “Màmá, èsì àyẹ̀wò yín ti jáde. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ fún, àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ kí ó jókòó tì yín, tàbí tí ẹ fẹ́ kí n bá sọ ọ́ ní ipò yín?” Àwọn kan yóò ní, “Àkọ́bí mi ni kí o bá sọ ọ́.” Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìgbà náà ni o ní àṣẹ láti jókòó pẹ̀lú ẹbí.

Ohun tí àwọn ọmọ máa ń sọ fún wa ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ni pé bí màmá bá gbọ́, ìbẹ̀rù ni yóò pa wọ́n. Ó ti tó àkókò kí àwa dókítà jáwọ́ nínú gbígba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ̀dọ̀ tí jẹjẹrẹ ti gbà ni ó ń pa ènìyàn. Màmá ń wo ikùn wọn tí omi ń kún, wọ́n ń rí ojú wọn tí ó pọ́n bí àwọ̀ epo nínú dígí, wọ́n sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti lajú ni àwọn ọmọ ń dákẹ́. Ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún sábà máa ń ti fura. Ẹni tí yóò bá sọ ọ́ ni kò ní.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tún ní ìdí tirẹ̀ tí kò fi yẹ kí a fi ọjọ́ falẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí kò bá sì lè ṣe é mọ́, májèlé náà yóò dé ọpọlọ. Aláìsàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án, kí ó máa la ojú sílẹ̀ lóru. Bí ó bá na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà yóò máa já wálẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní í bára mu mọ́. A lè tọ́jú èyí nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò dájú pé orí yóò tún mọ́ pátápátá.

Mo kọ́ èyí lára màmá kan tí ó ń ta aṣọ àwìn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó jogún iṣẹ́ òṣómàáló lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ènìyàn 14 ni ó jẹ wọ́n lówó, inú orí màmá nìkan ni orúkọ àwọn onígbèsè náà sì wà. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ, mo dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí màmá ń bi mí pé ṣé àwọn lè lọ sí ọjà, mo dáhùn pé kí wọ́n ní sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọn kò mọ orúkọ ọmọ wọn mọ́. Owó náà rá, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí ni pé màmá náà bi mí ní ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Nígbà tí o bá ti gba àṣẹ, wá yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù. Jókòó, pa fóònù rẹ, kí nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀. Béèrè ẹni tí ó dàgbà jù àti ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n màmá tí a kò pè ni yóò wá tú gbogbo àdéhùn yín ká lọ́la. Lẹ́yìn náà:

“Kí ni ẹ ti gbọ́ nípa àìsàn màmá?” Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá ní wọ́n sọ pé ibà pọ́njú ni, ibẹ̀ ni ìwọ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wúwo.” Dákẹ́ díẹ̀.

“Jẹjẹrẹ ni ó wà nínú ẹ̀dọ̀ màmá. Ó ti tàn dé ibi tí iṣẹ́ abẹ kò lè kó o kúrò, kò sì sí oògùn tí yóò wò ó sàn. A rò pé àìsàn yìí ni yóò mú wọn lọ.”

Lẹ́yìn èyí, pa ẹnu rẹ mọ́. Bí wọ́n bá sunkún, jẹ́ kí wọ́n sunkún.

Sọ “jẹjẹrẹ.” Bí o bá pè é ní kókó, wọn yóò ní kí o gé e, bí o bá pè é ní egbò inú, wọn yóò lọ ra oògùn ọgbẹ́ inú. Má sì sọ pé “ẹ máa gbé wọn lọ sílé” láìṣàlàyé, nítorí àwọn kan yóò gbọ́ ọ pé ara màmá ti yá, àwọn mìíràn yóò gbọ́ ọ pé a lé wọn. “Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́” burú jù, irọ́ sì ni: a lè fa omi ikùn nígbà tí ó bá ń dí èémí wọn lọ́wọ́, a sì lè fún wọn ní mọ́fíìnì olómi fún ìrora, ní ìwọ̀n kékeré àti ní àlàfo tí ó gùn ju ti ẹlòmíràn lọ nítorí ẹ̀dọ̀ tí ó ti bàjẹ́.

Ẹnì kan yóò pariwo pé, “Ọlọ́run ò ní gbà!” Má bá a jiyàn. Sọ pé: “Àmín. Àdúrà tí èmi náà ń gbà nìyẹn. Bí kò bá wá rí bí a ti fẹ́, kí ni màmá kò ní fẹ́ fi sílẹ̀ láìṣe?”

Bí wọ́n bá béèrè ìgbà tí ó kù, má dárúkọ ọjọ́. Fún irú ipò tí o ṣàpèjúwe yìí, èmi yóò sọ pé: “Ọ̀sẹ̀ ni mo ń rò, ó sì lè tó oṣù díẹ̀, n kò rò pé yóò tó ọdún. Mo lè ṣìṣe.” Ọ̀gá rẹ tí ó rí àwòrán ẹ̀dọ̀ náà ni kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò mẹ́dọ̀wú oríṣi B ni ó fa jẹjẹrẹ náà, gbogbo ọmọ màmá àti ọkọ màmá ní láti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹni tí kò bá ní in, tí ara rẹ̀ kò sì tíì ní ààbò, gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta. Ṣùgbọ́n má sọ èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn kò ní gbọ́ ọ. Pe wọ́n padà lọ́jọ́ kejì, béèrè ohun tí wọ́n lóye lára ọ̀rọ̀ àná, kí o sì bi màmá bóyá àwọn fẹ́ kí gbogbo yín wá jókòó yí ibùsùn àwọn ká.