Ẹ má kọ “odi” sórí ìwé ìkéde yẹn: orúkọ tó yẹ ká máa pe àwọn tó ní ìpèníjà ara

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lápá Mólété. A fẹ́ ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara àdúgbò. Mo kọ “arọ, afọ́jú, odi, àfín àti dìndìnrìn” sórí ìwé ìkéde, mo sì kọ “cripples, blind, deaf and dumb, albinos, imbeciles” ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́ kan láàrin wa ní èébú ni gbogbo ẹ̀. Kí la máa wá kọ báyìí?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ́ yẹn ò parọ́, ẹ bá mi kí i. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ yẹn ò rí bákan náà o, àwọn kan jẹ́ èébú pọ́nńbélé, àwọn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ò ní wàhálà tẹ́lẹ̀, lílò tá à ń lò wọ́n láti fi bú ara wa ló jẹ́ kí wọ́n korò, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé yàtọ̀ sí pé èébú ni, irọ́ tún ni. Ìyẹn ni màá kọ́kọ́ mú torí iṣẹ́ mi ni. Tíṣà àwọn ọmọ adití ni mí nílùú Ìbàdàn yìí, “odi” àti “deaf and dumb” sì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn òbí tí wọ́n bá mú ọmọ wá síléèwé.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìyá á fa ọmọ lọ́wọ́ wọlé, á ní “Tíṣà, ọmọ mi yìí ò gbọ́ràn, ó tún yadi.” Kó tó sọ̀rọ̀ yẹn tán, ọmọ ti rí bisikíìtì lórí tábìlì, ó nawọ́ sí i, ìyá gbá a lọ́wọ́, ọmọ figbe ta, igbe tí wọ́n máa gbọ́ ní géètì. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá ìyá dúró, pé mà, ṣé ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Ẹni tó yadi kọ́ nìyẹn. Gògóńgò ọmọ yìí ò ní nǹkan kan, ahọ́n ẹ̀ ò ní nǹkan kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń pariwo tóun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń ṣeré. Etí ni ò gbọ́. Àwa tá à ń sọ̀rọ̀, ṣebí etí la fi kọ́ ọ, a gbọ́ “màmá” lẹ́nu àwọn tó yí wa ká títí táwa náà fi pè é. Ọmọ tí ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ibo ló ti fẹ́ kọ́ ọ?

Ẹni tó wá di adití lẹ́yìn tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, tiẹ̀ tún yàtọ̀. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó wá dá iléèwé adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí lọ́dún 1960, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn mẹninjáítìsì gba etí ẹ̀, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kó tó dìgbà yẹn. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba dìgírì ní Gallaudet, iléèwé gíga àwọn adití l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1954. Èdè ọwọ́ tá a fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé wa lónìí, ara èyí tí Foster gbé wá láti Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀, ó sì ní gírámà tiẹ̀, wọ́n ń fi í gbàdúrà, wọ́n ń fi í jà, wọ́n ń fi í ṣòfófó pàápàá. Ẹni tó ń ṣe gbogbo ìyẹn, báwo la ṣe máa ní ó yadi? Ohun tó jẹ́ kí “dumb” máa dùn wọ́n nìyẹn, torí pé lédè Gẹ̀ẹ́sì “dumb” tún ti di òmùgọ̀, tẹ́nì kan bá sì ti rí ọmọ bí òmùgọ̀, kò ní rò ó pé ó yẹ kọ́mọ náà lọ síléèwé.

Torí náà ẹ kọ “adití” ní Yorùbá, kẹ́ ẹ kọ “deaf” ní Gẹ̀ẹ́sì, odi àti “dumb” kó kúrò níbẹ̀ pátápátá. Adití kì í ṣe èébú, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ kọ “àwọn tí ò gbọ́ràn”. Àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ pariwo kí wọ́n tó gbọ́ yín, ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ adití, “àwọn tí ò gbọ́ràn dáadáa” ni wọ́n, “hard of hearing” ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan sọ fún yín pé “hearing impaired” ló pọ́nni lé jù. Ọ̀pọ̀ adití ò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ń pè wọ́n ní nǹkan tó bàjẹ́. Láti ọdún 1991 ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn adití àti ti àwọn tí ò gbọ́ràn dáadáa ti jọ fẹnu kò sórí “deaf” àti “hard of hearing”, ẹ jẹ́ ká fi sí ohun táwọn tọ́rọ̀ kàn fẹ́.

Ó wá kan dìndìnrìn. Ìyẹn ò ní àtúnṣe, ẹ pa á rẹ́, òun àti “imbecile”. Àwọn dókítà ló ń lo “imbecile” nígbà kan, wọ́n ti pa á tì tipẹ́, àwa la ṣì ń fi í bú ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta lẹ ní lọ́kàn gan-an, torí oríṣi èèyàn méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń kó jọ síbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti kékeré ni ọpọlọ wọn ti máa ń pẹ́ kó tó gba ẹ̀kọ́, irú àwọn ọmọ tó ní Dáùn Síńdírọ́ọ̀mù, ìyẹn kì í ṣe àìsàn tí wọ́n máa lo oògùn sí, ẹni tó máa fi sùúrù kọ́ wọn ni wọ́n nílò. Ẹ kọ “àwọn tí ọpọlọ wọn máa ń pẹ́ gba ẹ̀kọ́”, “intellectual disability” ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kejì ni àwọn tá a máa ń pè ní wèrè, èèyàn tó ti kàwé, tó ti ṣiṣẹ́, kí àìsàn tó dé, tó sì ṣeé ṣe kó gbádùn tó bá rí dókítà ọpọlọ ní Yúù-Sí-Éètì. Àwọn yẹn ni “ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ”, “person with a mental health condition”. Òfin Nàìjíríà gan-an ti yí ohùn padà lórí ìyẹn, torí òfin 1958 tó ń pè wọ́n ní “lunatic” ni òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2023 wá rọ́pò.

Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí “ìpèníjà ọpọlọ” tá à ń gbọ́ lórí rédíò, oríṣi méjèèjì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ kọ sórí ìwé, ìyá tọ́mọ ẹ̀ ò tètè mọ̀wé á kà á, á ní wọ́n ń pe ọmọ òun ní wèrè, kò sì ní yọjú.

Àwọn tó kù ò le tó bẹ́ẹ̀. Dípò arọ tàbí amúkùn-ún, ẹ kọ “àwọn tó ní ìpèníjà ẹsẹ̀” tàbí “àwọn tó ń lo wiliṣíà”, ní Gẹ̀ẹ́sì “person with a physical disability” àti “wheelchair user”. Ẹ má kọ “confined to a wheelchair” o, wiliṣíà ò há ẹnikẹ́ni mọ́lé, òun ló ń gbé e jáde. Afọ́jú, ẹ kọ “àwọn tí ò ríran”. “Blind” ò burú ní tiẹ̀, ẹ kàn fi “low vision” kún un fún àwọn tó ń ríran bàìbàì. Àfín nílẹ̀ Yorùbá, ẹni òòṣà ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, èèyàn Ọbàtálá, ọ̀rọ̀ iyì ni, àmọ́ gbogbo àfín kọ́ ló máa fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì pe òun bẹ́ẹ̀. “Àfín” ṣeé kọ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa tún ṣe, kó di “person with albinism”. Ojú ọ̀pọ̀ wọn kì í ríran jìnnà, oòrùn sì máa ń jó awọ ara wọn, ẹ fi àga wọn síwájú lábẹ́ ìbòòji.

Àkọlé ìwé náà wá ńkọ́? Aláàbọ̀ ara, ààbọ̀ wà nínú ẹ̀, bíi pé èèyàn ò pé. Mo mọ̀ pé a ṣì ń gbọ́ ọ níbi ayẹyẹ, èmi ò fara mọ́ ọn. “Àwọn tó ní ìpèníjà ara” ni kẹ́ ẹ kọ. Àkàndá ẹ̀dá náà dáa lẹ́nu, àwọn oníròyìn ń lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n lórí fọ́ọ̀mù, èyí tó bá sojú abẹ níkòó ni mo fẹ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “persons with disabilities”, òun ló wà nínú òfin 2018 tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019. “Physically challenged” tá a fẹ́ràn ní Nàìjíríà yìí ò tiẹ̀ kan adití, kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀? Àwọn tí ò ní ìpèníjà, ẹ má pè wọ́n ní “normal people”, ẹ kọ “people without disabilities”.

Tó bá jẹ́ èmi ni, orúkọ ìpèníjà ò tiẹ̀ ní pọ̀ lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Màá bi wọ́n pé “Kí lẹ nílò kẹ́ ẹ lè bá wa kópa?”, màá wá fi àpótí sábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n á máa máàkì: ògbufọ̀ èdè ọwọ́, ọ̀nà tí wiliṣíà lè gbà, ìwé onílẹ́tà ńlá, ẹni tó máa mú wọn rìn, àga lábẹ́ ìbòòji. Ìyẹn ló máa sọ fún yín iye ògbufọ̀ tẹ́ ẹ máa wá. “Odi, 7” tẹ́ ẹ bá kà sórí ìwé ò ní sọ fún yín bóyá èdè ọwọ́ ni wọ́n ń sọ àbí ìwé ni wọ́n fẹ́ kà.

Ẹ bá ẹni tó máa di máìkì mú sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Òwe “amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́” ò ṣeé pa lójú ẹni tó fi ọ̀pá méjì rìn wọlé, bọ́rọ̀ inú ẹ̀ ṣe wù kó jinlẹ̀ tó. Tó bá ń bá adití sọ̀rọ̀, adití ni kó máa wò, kó má kọjú sí ògbufọ̀, kó má sì sọ pé “ẹ sọ fún un pé”.

Tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mókólá, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín kẹ́ ẹ kà kí wọ́n tó tẹ ìyókù, torí ẹni tó ń tàìpù lè rò pé ẹ gbàgbé nǹkan, kó bá yín fi “and dumb” kún “deaf”.