Ìdógò ni àbí wọ́n tà á? Pọ́n-ùn 30 lórí oko obì Ìpẹ́rù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà wa. Ní 1958, bàbá bàbá mi gba pọ́n-ùn 30 lórí oko obì wa ní Ìpẹ́rù. Àwọn ọmọ ẹni tó fún un lówó ní bàbá àwọn rà á ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìdógò ni. Àbúrò bàbá mi ní ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n. Ẹ bá mi tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ìdáhùn: Mo kí yín o. Bí a bá dúró lẹ́bàá oko, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí: ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, òun ló ń ká obì. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn nínú àtẹ yìí dáadáa.

| | Ìdógò | Títà | Ìṣákọ́lẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Ta ló ń lo oko? | Ẹni tó yáni lówó | Ẹni tó rà á | Ẹni tí onílẹ̀ fún láàyè |
| Owó wo ni wọ́n san? | Owó ẹ̀yá, lẹ́ẹ̀kan | Iye ilẹ̀ | Irè oko tàbí owó díẹ̀ lọ́dọọdún |
| Igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ ńkọ́? | Kò gbọdọ̀ gbìn ín láìgbàṣẹ | Ó lè gbìn ín bó ṣe wù ú | Bí àdéhùn bá ṣe wí |
| Bí a bá dá owó padà ńkọ́? | Ilẹ̀ ń padà | Ilẹ̀ kì í padà | Kò sí owó tí a ó dá padà |

Ohun tí àbúrò bàbá yín sọ ni ká kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í ka pọ́n-ùn 30 lé onílẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé iṣu tí àwọn tó wà lóko ń gbé wá fún yín lọ́dọọdún ló rí, ṣùgbọ́n ní Rẹ́mọ níbí, ta ni kì í gbé iṣu fún aládùúgbò? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, irú iṣu bẹ́ẹ̀ ni mo rí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni. Àwọn tí a pè lẹ́jọ́ yọ ìwé owó síta, ẹjọ́ wa sì wó lulẹ̀. Ọwọ́ ara wa la fi bà á jẹ́.

Ó wá ku ìdógò àti títà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí owó kọjá nínú méjèèjì. Ìwé kékeré tí ẹ fi ránṣẹ́ kò gbà wá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá gba owó náà "lórí ilẹ̀ mi". Kò ní "mo tà á", kò ní "mo fi í dógò".

Igi la ó wá bi. Nínú ìdógò, èso oko ló dúró fún èlé owó, nítorí náà pé wọ́n ti ń ká obì láti 1958 wá kò sọ pé àwọn ló ni ilẹ̀. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé ta ló gbin àwọn gbànja yẹn? Bó bá jẹ́ bàbá bàbá yín ló gbìn wọ́n kí 1958 tó dé, ìyẹn bá ìdógò mu. Bó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n gbin tuntun káàkiri, tí ilé yín ń wò wọ́n láìsọ̀rọ̀, adájọ́ á máa rò ó pé wọ́n tà á ni. Ẹ mú àgbẹ̀ tó mọ obì lọ wo ìdí igi.

Pé ó ti pẹ́ kò yẹ kó já yín láyà. Nínú òfin ìbílẹ̀ wa, ọjọ́ kì í pa ìdógò. Ọmọ ọmọ lè rà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ìdógò lẹ ó fi ẹ̀rí hàn: ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èló ni wọ́n gbà, ibo ni ààlà? Bí àgbàlagbà kan bá ṣì wà láyé tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, ẹ tètè lọ bá a kí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti owó, nígbà tí náírà dé ní 1973, náírà 2 ni wọ́n kà sí pọ́n-ùn 1, pọ́n-ùn 30 di náírà 60. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iye tí wọ́n yá ni wọ́n fi ń ra ìdógò padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹbí míì máa ń fi nǹkan lé e kí àárín má baà dàrú. Ẹ jẹ́ kí ìkórè obì ọdún yìí parí ná, kí olórí ẹbí sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ tó gbé owó lọ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ọmọ ilé yín. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ gbé owó yín padà wálé, ká tó lọ sí kóòtù. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ má ṣe wọ oko náà lọ gé ẹyọ igi kan o.