Èmi ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ọ̀nà ló ń pani nínú àkọ́kọ́

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo níṣẹ́ oṣù lọ́wọ́, mo sì ní bíi 500 dọ́là. Ṣé kí n máa ra owó ilẹ̀ òkèèrè kí n máa tà á lójoojúmọ́ ni, àbí kí n máa dì í mú fún ọjọ́ díẹ̀, àbí kí n ra ṣéà kí n gbé e jù síbẹ̀? Èwo ló ń gbàkókò jù, èwo ló ń náni lówó jù, èwo ló sì ń jẹ́ kéèyàn sùn?”

Àbúrò, 500 dọ́là náà lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀ o, ojú mi sì rí màbo. EURUSD, ìyẹn yúrò sí dọ́là, ni mò ń tà. Lọ́ọ̀tì ni ìwọ̀n ọjà, píìpù sì ni ìṣísẹ̀ kékeré tí iye ọjà ń gbé; 0.10 lọ́ọ̀tì ni mò ń lò lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé píìpù kan jẹ́ dọ́là kan. Sípírẹ́ẹ̀dì brókà mi, ìyàtọ̀ láàárín iye tí wọ́n ń tà fún mi àti iye tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi, jẹ́ píìpù 1.2, mo ní kí ni dọ́là kan lé díẹ̀ fẹ́ ṣe fún mi. Mò ń wọlé bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, ọjọ́ 20 lóṣù, ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀: 192 dọ́là, lórí 500! Kí n tó jèrè kọ́bọ̀, mo ti jẹ brókà ní bíi 38 nínú 100 owó mi lóṣooṣù. Nígbà tí mo jókòó ti àkọsílẹ̀ mi lóṣù kejì tí mo yọ sípírẹ́ẹ̀dì sápá kan, mo rí i pé èmi àti ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ta ọ̀mì ni, owó ọ̀nà ló gbé gbogbo ẹ̀ lọ.

Ti àkókò ńkọ́? Lọ́ńdọ̀nù ń ṣí ní aago 8 àárọ̀ wa nígbà ooru tiwọn, aago 9 nígbà òtútù, Amẹ́ríkà á sì wọlé lọ́sàn-án, ìgbà tí ọ̀gá ẹ ń wá ẹ ní ọ́fíìsì gan-an nìyẹn. Mo rántí ọjọ́ Fráídé kan tí Amẹ́ríkà fẹ́ kéde iye èèyàn tó ríṣẹ́, mo ti rà, sítọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì mi, àṣẹ tó máa tì mí jáde tí àdánù bá dé ibẹ̀, wà ní píìpù 15, ni wọ́n bá múná lọ, wáìfáì kú, kí dátà fóònù tó gbé mi wọlé padà ọjà ti fò, wọ́n sì ti tì mí jáde ní píìpù 23. Sítọ́ọ̀pù kì í ṣe ìlérí o, tí ọjà bá fò kọjá ẹ̀, iye tó bá bá níwájú ni wọ́n á fún ẹ. Àmàlà tí mò ń jẹ lọ́wọ́ di òkúta lẹ́nu mi.

Èyí tí mo wá ń ṣe báyìí ni kí n dì í mú fún ọjọ́ díẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lálaalẹ́ tó, ìgbà mẹ́ta mẹ́rin péré ni mò ń wọlé lóṣù. Torí pé sítọ́ọ̀pù jìnnà, bíi píìpù 100, lọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kéré: 0.01, píìpù kan jẹ́ sẹ́ǹtì 10, tó bá dà nù, dọ́là 10 ló lọ. Sípírẹ́ẹ̀dì gbogbo oṣù ò tó ààbọ̀ dọ́là. Ṣùgbọ́n owó sùn-mọ́jú, èyí tí brókà ń ṣírò lórí ọjà tó bá sùn mọ́jú lọ́wọ́ ẹ, wà níbẹ̀, ti alẹ́ Wẹ́sídeè sì ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta torí òpin ọ̀sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ń já mi láyà jù, torí ọjà á tì ní Fráídé, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láyé ní Sátidé, alẹ́ Sọ́ńdè lo máa tó rí i. Èmi máa ń jáde ní Fráídé tí ìdìbò tàbí ogun bá ń rùn.

Ti ṣéà, January 2023 ni mo ra Zenith 10,000 ní náírà 24, 240,000, bíi dọ́là 520 lówó ìjọba ìgbà yẹn. Ríra àti títà lọ́jà ṣéà wa lè jẹ bíi 3 nínú 100, iye kan ò sì lè lọ kọjá 10 nínú 100 lóòjọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe ti ojoojúmọ́. Ní May, wọ́n san dífídẹ́ǹdì, ìyẹn ìpín èrè, náírà 2.90 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìjọba yọ 10 nínú 100 tiẹ̀, 26,100 wọ báńkì. (Fọ́ọ̀mù dífídẹ́ǹdì ni kó o tètè kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ẹ á kàn jókòó síbẹ̀.) Àkókò ò jẹ, oorun ò dà mí láàmú. Àfi June tí wọ́n tú náírà sílẹ̀! Nígbà tọ́dún fi parí, ṣéà náà ti di bíi náírà 38, inú mi ń dùn, mo wá pín in sí dọ́là tó ti kọjá náírà 900: bíi dọ́là 420 ló kù. Mo jèrè ní náírà, mo pàdánù ní dọ́là.

Nítorí náà tí owó ilé ìwé lókè òkun lo fẹ́ fi í san, ṣéà tó ń san dọ́là ni kó o wá. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn lo fẹ́ rà, mi ò ní sọ pé má ra ti ilé. Ti ojoojúmọ́ yẹn, pẹ̀lú 500 àtiṣẹ́ oṣù, fi í sílẹ̀.