Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ló mú mi so ní Gbági

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń ná ọjà dáadáa o, àmọ́ bí mo bá ti délé ni mo máa ń gbọ́ pé ẹlòmíì rà á ní iye tó kéré sí tèmi. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ ra aṣọ ẹbí ní Gbági. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?"

Àbúrò mi, ó ti ṣe mí rí, owó tó sì bá a lọ kì í ṣe kékeré. Léèsì la fẹ́ rà fún ìgbéyàwó àbúrò mi ọkùnrin. Èèyàn 30 ló fẹ́ wọ̀ ọ́, èmi ni wọ́n sì kó owó fún. Mo dé Gbági tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀. Ìsọ̀ kejì tí mo yà sí ni mo ti rí àwọ̀ tí ìyàwó fẹ́. Ìyá tó ni ìsọ̀ ní ₦45,000 ni yáàdì 5. Mo pariwo, mo ná an ní ₦25,000. Ó ní kò gbà. A fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó já sí ₦31,000. Mo san ₦930,000 fún gbogbo rẹ̀, inú mi sì ń dùn nínú mọ́tò bí mo ṣe ń lọ sílé, torí lójú mi, mo ti já ₦14,000 kúrò lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ra léèsì yẹn gan-an ní ₦22,500. Nọ́ńbà tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ tirẹ̀ ló wà lára tèmi. Ìlà mẹ́ta péré ló wà láàárín ìsọ̀ méjèèjì. ₦8,500 lórí ẹyọ kan, lọ́nà 30, ₦255,000 nìyẹn, owó àwọn ẹbí mi sì ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ₦25,000 tí mo kọ́kọ́ ná an, tí mo rò pé mo fi ń yọ ìyá yẹn lẹ́nu, ti ga ju iye tí ẹlòmíì ti parí ọjà sí lọ. Níbo ni mo ti rí ₦25,000 yẹn? Inú ₦45,000 tirẹ̀ ni. Mo pín in sí méjì, mo fi díẹ̀ lé e kó má bàa dà bí ìwọ̀sí. Ká ní ₦30,000 ló pè é, ₦16,000 ni ǹ bá ná an. Aṣọ kan náà, ojú kan náà, àpò kan náà. Gbogbo wa la gbọ́ látilé pé kéèyàn pín iye tí wọ́n bá pè sí méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà náà gbọ́ ọ, ó sì ti fi ìdajì yẹn sínú iye tó ń pè.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, kọ nípa èyí lọ́dún 1974. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ kan bí èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ lójú àwọn èèyàn. Wọ́n ti dọ́gbọ́n sí i, kò lè dúró síbòmíì àfi lórí 10 tàbí 65. Wọ́n wá bi wọ́n pé, nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti Áfíríkà. Ìdáhùn àwọn tó rí 10 rọ̀ mọ́ 25, ti àwọn tó rí 65 rọ̀ mọ́ 45. Kẹ̀kẹ́ ò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà, gbogbo wọn ló sì rí i pé kẹ̀kẹ́ ni. Ìdákọ̀ró ni wọ́n ń pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi lè máa mì lọ mì bọ̀, kò ní jìnnà síbi tí ìdákọ̀ró rẹ̀ ti wọlẹ̀. Tí kẹ̀kẹ́ lásán bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ séèyàn, wo ohun tí ẹnu ìyá tó ti ń tajà fún ọdún pípẹ́ lè ṣe.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi rin ìlà mẹ́ta yẹn. Mo mọ ìlà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti rà á dáadáa. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ra léèsì níbẹ̀, tí télọ̀ wọ̀n ọ́n tó jẹ́ yáàdì 4 àbọ̀. Ó sọ ọ́ fún gbogbo wa, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Látìgbà yẹn, bí mo bá ti dé etí ìlà náà, ẹkún rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mi ò bi ara mi pé èèyàn mélòó ló ń rajà níbẹ̀ lójúmọ́ tí aṣọ wọn pé. Àwọn yẹn ò sunkún fún ẹnikẹ́ni, torí náà wọn ò sí lọ́kàn mi. Téèpù lásán ì bá yanjú rẹ̀: yáàdì kan jẹ́ ínṣì 36, yáàdì 5 jẹ́ 180. Kéèyàn wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á kó tó sanwó.

Ohun kan náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ tìẹ. Ẹni tó rà á pọ́ọ́kú ló máa ń sọ ọ́ kiri. Ẹni tó rà á wọ́n jù ọ́ á dákẹ́. Nítorí náà má kàn gbà pé gbogbo ayé ló ń rà á kéré sí tìẹ. Béèrè lọ́wọ́ ẹni náà: ìgbà wo lo rà á, ẹyọ mélòó, ṣé irú èyí náà ni?

Nísinsìnyí, mo máa ń kọ iye tèmi sínú ìwé kí n tó wọ ìsọ̀. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè ni mo fi ń ṣe é, torí ìdákọ̀ró lèyí náà. Mo máa ń wá èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ti sanwó láìpẹ́. Mo tún máa ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ tà. Ibẹ̀ ni mo tún ti ṣìnà nígbà yẹn: mo ná ẹyọ kan, mo wá fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn tó ń ra 30 kì í ṣe oníbàárà ẹyọ kan. Kọ́kọ́ sọ iye tó o fẹ́ kó, kí ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá ti mọ ọjà náà dáadáa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ owó. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mo máa ń dákẹ́, torí mo lè fẹnu ara mi pè é ju iye tí ìyá náà ì bá gbà lọ. Bó bá sì ti pè é ṣáájú mi, mi kì í sọ pé "ẹ dín in kù." Ìwé mi ni mo máa ń wò.

Lọ́dún tó kọjá mo ra ankará yáàdì 6, ẹyọ 40, fún ọjọ́ ìbí màmá wa. ₦10,000 ló wà nínú ìwé mi. Ìyá náà pè é ní ₦18,000. Ẹnu mi fẹ́ sọ ₦12,000. Mo bi ara mi pé, ká ní kò tíì sọ̀rọ̀, èló ni ǹ bá san? Mo ní, "Màmá, 40 ni mo fẹ́ kó, ₦9,500 ni mo ní." Ó ní owó tóun fi rà á kọ́ nìyẹn. Mo kí i pé ó dàbọ̀. Mo ti kọjá ìsọ̀ méjì kó tó pè mí padà: "Ẹ wá mú un ní ₦10,500, jálẹ̀ nìyẹn." Mo ní ₦10,000. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú àpò.