Ilé tí a fi rẹ́ǹtì ní Faransé: èlé nìkan ni kí o yọ, kì í ṣe gbogbo owó bánkì

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti padà sí Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fi fúláàtì mi ní Páríìsì rẹ́ǹtì ní yùrò 800 lóṣù. Kò sí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀. Alágbàtà ń yọ 7 nínú 100. Lọ́dún tó kọjá, mo ná 1,700 lórí ọ̀dà àti ẹ̀rọ omi gbígbóná, mo sì fi 1,200 sọ bálíkónì di yàrá. Bánkì ń gba 500 lóṣù. Èló ni kí n kọ fún àwọn olówó orí?"

Àbúrò, owó bánkì yẹn ló gbé èmi ṣubú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe fọ́ọ̀mù 2044, èyí tí onílé fi ń ka owó ilé àti ìnáwó rẹ̀ fún wọn, gbogbo ohun tí bánkì ń fà lóṣooṣù ni mo kó sí ìlà 250, ìlà èlé. Ṣebí owó ti kúrò lápò mi? Lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́tà dé. Owó tí a yá gan-an tí à ń dá padà kì í ṣe ìnáwó lójú wọn. Ilé lo fi ń rà. Nínú owó oṣooṣù yẹn, èlé àti owó adójútòfò tó bá gbèsè náà rìn nìkan ni wọ́n gbà. Mo san ohun tó kù, mo tún san owó ìjáfara, 0.20 nínú 100 lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé fóònù ní, "Mùsíé, ó wà nínú ìwé àlàyé." Ìwé àlàyé tí akọ̀wé gan-an máa kà, tí á sunkún! Ìgbà mẹ́ta ni mo pe bánkì kí wọ́n tó fi ìwé tó ya èlé sọ́tọ̀ ránṣẹ́. Béèrè tìrẹ lónìí, má sì lo ìwé ọdún mìíràn, torí èlé ń dín kù lọ́dọọdún.

Ká ní 1,400 ni èlé nínú 6,000 tí o san. Kọ 9,600 sí ìlà owó ilé, kì í ṣe ohun tí alágbàtà fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tó ti yọ tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o máa yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Alágbàtà jẹ́ 672, wọ́n sì fún ọ ní 20 fún wàhálà kékeré. Ọ̀dà àti ẹ̀rọ omi wọlé, 1,700. Bálíkónì kò wọlé rárá: o fi kún ilé ni, o kò tún un ṣe. O kò sì dárúkọ owó orí ilé fúnra rẹ̀, èyí tí onílé ń san lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ 900, òun náà wọlé, láìka owó ìkólẹ̀ tó wà nínú ìwé kan náà, torí ayálégbé ló ni ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,692, ó ku 4,908.

Owó ilé rẹ kò tó 15,000 lọ́dún, nítorí náà bí o kò bá sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn yọ 30 nínú 100, wọ́n á sì ka 6,720 sí ọ lọ́rùn. Ìwọ ni kí o yan 2044. Ṣùgbọ́n bí o bá ti yàn án, ọdún mẹ́ta ni o fi máa wà níbẹ̀, kódà lọ́dún tí o kò tún nǹkan kan ṣe.

Kí n má gbàgbé: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ láti gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ kí owó ilé lè gbéra. Ètò owó orí mìíràn ni ilé tó ní àga, fọ́ọ̀mù yìí kò kàn án. Bí ìwọ fúnra rẹ bá sì kun ilé nígbà tí o lọ sinmi, ọ̀dà nìkan lo lè kà, apá rẹ kò níye lórí lọ́dọ̀ wọn.