Bí ọ̀gá bá ní kí o wá jókòó sí ọ́fíìsì

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí Ẹnjiníà. Mo kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ilé àti ọ̀nà ní Yunifásítì Ìlọrin, mo sì ti sin ìlú tán. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé ní Táńkẹ́ gbà mí, èmi nìkan sì ni obìnrin ibẹ̀. Ọ̀gá ní kí n máa ṣe ìwé ní ọ́fíìsì, pé oòrùn sáìtì ò dáa fún mi. Owó ò burú. Ṣé kí n gbà, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe dọjọ́ alẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gba iṣẹ́ náà, kí o wá dúnàá dúrà lórí ibi tí wàá jókòó sí. Fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sáìtì lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, màá fi ọjọ́ méjì tó kù ṣe ìwé." Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa gbà, nítorí ìwé náà á ṣì di ṣíṣe.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Lẹ́yìn oyè, wọ́n máa ń béèrè ìrírí ọdún mẹ́rin ó kéré tán, wọ́n sì máa ń bi ọ́ léèrè ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe. Èmi náà jókòó ti ríṣíìtì sìmẹ́ńtì fún ọdún kan àtààbọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan nílùú yìí. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìròyìn ìrírí mi, n kò rí nǹkan kan kọ nípa ọdún náà. Ká ní ọdún yẹn ò sí, kò ní yàtọ̀.

Tó o bá dé sáìtì, àwọn bíríkìlà á máa wò ọ́. Má bá wọn pariwo. Tépù ni kí o kọ́kọ́ fà yọ. Ní Ọ̀fà, bàbá bíríkìlà kan ti kan èèkàn, ó ti ta okùn sí ìpìlẹ̀ ilé tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 9. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé ṣọ́bìrì. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ ká wọn igun sí igun ná." Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún, láti igun kan dé èyí tó dojú kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 15 géérégé lọ́nà méjèèjì. A wọn ọ̀kan, ó jẹ́ 15.12. A wọn èkejì, ó jẹ́ 14.88. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé o, ilé ló wọ́, ojú lásán ò sì lè rí i. Bàbá ní tépù mi ni kò dáa. Mo ní kí wọ́n mú tiwọn wá. Bákan náà ló rí.

A di èèkàn méjì iwájú mú, a sì sún èèkàn méjì ẹ̀yìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ. A tún wọn ọ́n: 15 síhìn-ín, 15 sọ́hùn-ún. Ká ní wọ́n ti gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti da kọnkéré, ìgbà tí wọ́n bá ń kan òrùlé tàbí tí wọ́n ń tẹ́ táì ni wọn ì bá tó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá yẹn kì í gbẹ́lẹ̀ kí n tó dé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ọ́ sí ìwé mi: déètì, ibi tí sáìtì wà, ohun tí mo wọn, ohun tí mo bá, àtúnṣe tá a ṣe. Irú ìlà márùn-ún bẹ́ẹ̀ ni kí o máa kọ lójoojúmọ́, kí ẹnjiníà àgbà tó wà lórí sáìtì fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Má dúró dìgbà tó bá pé ọdún mẹ́rin kó o tó wá a, ẹlòmíì á ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, òmíì á ti gbàgbé rẹ.

Oyún ni àwọn obìnrin máa ń bi mí léèrè lẹ́yìn èyí, bí ìwọ ò tilẹ̀ bi mí. Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún ọ ní ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Tó o bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ tọ́ sí ọ láàárín ìgbà yẹn. Tó o bá padà tó o ṣì ń fọ́mọ lọ́yàn, òfin náà ní kí wọ́n fún ọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nígbà tí ikùn bá ti tóbi, ìgbà yẹn gan-an ni ọ́fíìsì wúlò: gba ìwé àwòrán, kí o máa ka irin àti kọnkéré tí ilé máa gbà. Ìyẹn náà wọ ìwé ìrírí rẹ.

Kó o tó dé sáìtì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, béèrè ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà. Bí kò bá sí, sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má di pé o ò ń mumi nínú oòrùn Ìlọrin. Bàtà sáìtì tí wọ́n máa gbé fún ọ, ti ọkùnrin ni, á tóbi. Lọ ra tìrẹ.