Bí ìlà ìwọ̀n omi bá tẹ̀, ẹ wo òkúta tó dábùú odò

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti wọn eré omi odò kékeré kan ní Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti ṣírò iye omi tó ń ṣàn kọjá. Nígbà tí mo tò ó mọ́ gíga omi lórí bébà lọ́ọ̀gì, ìlà náà tẹ̀, kò tọ́. Ṣé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́ ni?”

Àbúrò, má tíì dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Èmi náà ti gbé tèmi lọ fún àtúnṣe rí, mo sì náwó lásán, kí n tó mọ̀ pé ọ̀pá ìwọ̀n tí mo rì sínú odò kan nítòsí Ọ̀bà-Ilé ni kí n yẹ̀ wò. Iye tí mo kà lórí ọ̀pá ni mo ń lò bẹ́ẹ̀, láìronú pé òdo orí ọ̀pá kì í ṣe ibi tí omi ti ń dáwọ́ ṣíṣàn dúró.

Òkúta pẹlẹbẹ kan dábùú odò náà nísàlẹ̀ ọ̀pá mi. Bí omi bá fà dé etí òkúta yìí, kò ní ṣàn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ṣì dá rogún sí ìdí ọ̀pá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́jọ́ tí ọ̀pá ka mítà 0.37, mo ká ṣòkòtò sókè, mo wọ inú omi, mo sì fi rúlà wọn ibi tí omi ti jìn jù lórí òkúta náà: mítà 0.12. Mo yọ ọ́ kúrò nínú 0.37, ó ku 0.25. Òun ni h0, ìyẹn gíga tí omi ti ń dáwọ́ ṣíṣàn dúró, nínú ìlànà yìí, níbi tí Q ti jẹ́ iye omi tó ń ṣàn kọjá, h jẹ́ gíga tí ọ̀pá kà, b jẹ́ bí ìlà náà ṣe dàgẹ̀rẹ̀ sí lórí bébà lọ́ọ̀gì, C sì jẹ́ iye kan tí kì í yí padà:

```
Q = C(h - h0)^b
```

Mo ti dín àwọn iye wọ̀nyí sí èyí tó rọrùn láti tẹ̀ lé. Nígbà tí ọ̀pá ka 0.45, 0.65 àti 1.05, omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ kúbíìkì mítà 0.20, 0.80 àti 3.20. Yọ 0.25 kúrò nínú gíga kọ̀ọ̀kan, wàá rí 0.20, 0.40 àti 0.80. Bí gíga ṣe ń di ìlọ́po méjì ni omi ń di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà b jẹ́ 2, C sì jẹ́ 5. Bí o kò bá yọ ọ́, b á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.8 nísàlẹ̀ ìlà, á sì já sí 2.9 lókè, títẹ̀ tí o rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n má kàn máa yọ iye títí ìlà á fi tọ́, torí pé bí o bá yọ ju bó ṣe yẹ lọ, á tẹ̀ sí òdìkejì. Lọ wọn òkúta náà fúnra rẹ.

Lóṣù Keje kan, ọ̀pá ka 0.85. Omi 1.80 ni mo retí, 1.30 ni mo rí. Ẹ̀ka igi àti pàǹtírí ló dí abẹ́ afárá tó wà nísàlẹ̀, tí omi fi padà sẹ́yìn bo òkúta náà mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò fi í kún ìlà. Bákan náà, n kò fa ìlà náà kọjá mítà 1.60, torí pé níbẹ̀ ni omi ti ń kún bo bèbè, tó ń ya wọ oko ẹ̀gẹ́.